Láàárín Ẹbí àti Ẹ̀bi

Yétúndé ni wọ́n sọ mí, nítorí pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ìyá tí ó bí bàbá mi kú ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Pòrógun, kò pe orúkọ náà mọ́ mi rí. "Ìyá mi" ni ó ń pè mí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi ní àwàdà tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, gbogbo ilé á sì bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àyà mi yóò máa já tí mo bá gbọ́ "Ìyá mi" lórí fóònù. Ọmọ kì í tijú àti béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Bàbá mi kú ní ọdún 2005. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, mo rí àyè wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n 45,000 náírà ni a ní láti san kí wọ́n tó kọ orúkọ mi sílẹ̀, ìyá mi tí ó ń ta gàrí ní ọjà Òkè-Àjẹ kò sì ní ju 11,000 lọ. Bàbá Pòrógun, tí ó jẹ́ káfíńtà, ta alùpùpù tí ó fi ń gbé pákó káàkiri, ó sì kó owó náà lé ìyá mi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi ń fi ọmọlanke kó pákó lẹ́yìn náà. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kò fi oore yìí ṣe ọ̀rọ̀ sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi gan-an ni mo ń sọ ọ́ fún ara mi lójoojúmọ́.

Ní ọdún 2012 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Mo kó owó oṣù àkọ́kọ́ fún ìyá mi gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó gbàdúrà lé e lórí, ó dá ìlàjì rẹ̀ padà fún mi. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí pè mí, kì í sì í ṣe ọ̀bàyéjẹ́ ènìyàn ni wọ́n. Àǹtí kan kò rí owó ìwé ọmọ rẹ̀ san, ìbátan kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ike, òrùlé Bàbá Pòrógun ń jò. Mo ń fún wọn. Àṣìṣe tí mo ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó bí gbogbo èyí tí ó kù, ni pé n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí ń wọlé fún mi. Ó dà bí ìtìjú lójú mi pé kí wọ́n mọ bí ó ṣe kéré tó, nítorí pé "Dókítà" ni wọ́n ń pè mí ní ilé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kì í ṣe dókítà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2023, 265,000 náírà ni owó oṣù mi, owó ilé mi sì jẹ́ 550,000 lọ́dún. Àwọn ará ilé kò mọ èyí. Èkó tí mo ń gbé àti aṣọ tí mo ń wọ̀ wá sí òde ni wọ́n fi ń ṣírò owó mi, n kò sì lè bínú sí wọn pé ìṣirò wọn kò tọ̀nà nígbà tí èmi ni mo fi òṣùwọ̀n pamọ́.

Nígbà tí ẹrù náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ mí lọ́rùn, irọ́ ni mo sá sí. N kò sọ pé "iye tí agbára mi gbé rèé." Mo ń sọ pé wọn kò tí ì san owó oṣù, tàbí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì báǹkì kò dára. Irọ́ kì í tán nínú ẹyọ kan, nítorí pé ẹni tí a sọ fún pé wọn kò tí ì san owó oṣù yóò tún pè ní ọjọ́ kẹta láti béèrè bóyá wọ́n ti san án. Ó sì di ọjọ́ kan tí mo ra àga ìjókòó tuntun, tí mo ya fọ́tò ara mi lórí rẹ̀ sórí Wásáàpù, tí mo gbàgbé pé ọjọ́ méjì péré sẹ́yìn ni mo sọ fún àǹtí mi pé n kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn kọ ọ́ sí mi pé, "Àga yìí mà dára o, ọmọ mi." Láti ọjọ́ náà, tí mo bá tilẹ̀ sọ òótọ́ pé n kò ní owó, mo mọ̀ pé àga yẹn ni wọ́n ń rí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí owó bébà wọ́n, tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀bẹ̀ kí a fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, Bàbá Pòrógun pè mí ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Mo wo orúkọ rẹ̀, mo sì dojú fóònù dé orí tábìlì. Ó pè ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ní ìgbà kẹrin, mo gbọ́ tí ọkàn mi sọ ọ́ ketekete pé, "Kí ló dé tí fóònù bàbá yìí kì í bàjẹ́?" Ní alẹ́, ìyá mi pè mí, ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bàbá ti fi ìdajì àpò gàrí Ìjẹ̀bú, èyí tí ó kan tí ó sì gbẹ dáadáa, rán dírébà sí mi, ó sì fẹ́ sọ fún mi kí n wá gbà á ní Ọjọ́tà kí ọkọ̀ náà tó padà. Dírébà dúró títí, kò rí mi, ó gbé gàrí padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, Bàbá sì san owó ẹrù lẹ́ẹ̀mejì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bí ohun tí ó ń ṣe mí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ṣe ní ọjọ́ kejì ni pé mo fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí Bàbá láìjẹ́ pé ó béèrè. Ẹ̀rí ọkàn ni ó rán mi, kì í ṣe ìfẹ́. Ogún ẹgbẹ̀rún náà jẹ́ ara owó epo jẹnẹrétọ̀ mi, nítorí náà nígbà tí mo jókòó sínú òkùnkùn ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, inú tún bí mi sí Bàbá tí kò bi mí léèrè ohunkóhun. Bí ó ṣe ń yí nìyẹn: ìkùnsínú bí ẹ̀bi, ẹ̀bi san owó, owó tí a fi ẹ̀bi san tún bí ìkùnsínú mìíràn. Ẹni tí ó bá ń fún ẹbí ní owó tí ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun wà nínú irú àyípo yìí, kí ó wo ohun tí ó máa ń ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti bínú. Tí ó bá jẹ́ pé owó ni ó máa ń fi ránṣẹ́, ó ti wà nínú rẹ̀.

N kò jáde nínú rẹ̀ ní ọjọ́ náà o. Ó tún burú sí i. Ìléyá ọdún 2023 bọ́ sí ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, Ojúde Ọba sì jẹ́ ọjọ́ 30. Ẹni tí ó bá mọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé kò sí àgbàlagbà tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni tí a ń wá láàárín regbéregbé rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Aṣọ, fìlà àti bàtà ti ẹgbẹ́ Bàbá jẹ́ 85,000 náírà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ni, owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nígbà tí Bàbá pè mí, kò pàṣẹ, ó ní, "Ìyá mi, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu." Alùpùpù ọdún 2006 gba iwájú mi kọjá, mo sì sọ pé, "Ẹ má ṣe ìyọnu, sà."

Mo ti jẹ gbèsè tẹ́lẹ̀ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, wọn kò sì lè yá mi sí i, nítorí náà mo lọ yá owó lórí fóònù. Mo yá 60,000, 51,000 ni ó wọ àkáǹtì mi, 60,000 ni mo sì gbọ́dọ̀ dá padà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ni mo yá a, ọjọ́ 27 ni wọ́n sì máa ń san owó oṣù fún wa. Ẹni tí ó jẹ́ pé ìṣirò ni ó fi ń jẹun lójoojúmọ́ ni mí, ṣùgbọ́n n kò ṣe ìṣirò yìí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ayánilówó náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù mi pé gbájúẹ̀ ni mí. Ọ̀gá mi rí i. Ẹni tí ó ń bá mi fọ aṣọ rí i. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, Bàbá Pòrógun ni mo sì ń bá jà nínú ọkàn mi ní gbogbo òru náà, Bàbá tí ó ti sùn ní tirẹ̀, tí kò mọ̀ pé mo yá owó, tí ì bá sì kọ aṣọ náà sílẹ̀ ká ní mo sọ fún un. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí: mo ń dá a lẹ́bi ohun tí n kò jẹ́ kí ó mọ̀.

Mo lọ sí ilé fún Ìléyá pẹ̀lú ojú wíwú náà. Nígbà tí mo ń tò yàrá ìyá mi, mo rí páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lórí pèpéle. Ẹyọ kan lójúmọ́ ni dókítà sọ pé kí ó máa lò, ẹyọ 28 sì ni ó wà nínú páálí. Rìsíìtì tí ó wà nínú ọ̀rá sọ pé ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ni wọ́n rà á. Mo ka ọjọ́: ọjọ́ 39 ti kọjá, oògùn náà ì bá ti tán láti bí ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹyọ méje ṣì wà níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹyọ 21 péré ni ó lò láàárín ọjọ́ 39, bíi ẹyọ kan ní ọjọ́ méjì méjì. Mo bi í. Ó kọ́kọ́ ní òun gbàgbé ni. Nígbà tí mo jókòó tì í, ó ní ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ òun ni òun máa ń lò ó, kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé bùkátà ti pọ̀ lọ́rùn mi, òun kò sì fẹ́ dà kún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í dúró de orífífọ́. Ó lè ga títí kí ènìyàn má mọ nǹkan kan lára, àfi kí a wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí mo padà sí Èkó, mo lọ gba ìwé àkáǹtì mi ní báǹkì, ti oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà. Mo mú bírò pupa, mo fa ìlà sí abẹ́ gbogbo owó tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí, mo sì pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 438,500 náírà, èyí tí ó ju ìdajì owó oṣù mi lọ ní oṣooṣù. Bàbá Pòrógun gba 128,500, aṣọ Ojúde Ọba wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè gba 105,000. Ìyá mi gba 60,000. Èyí tí ó kù, 145,000, ni mo fi ránṣẹ́ ní ìgbà 23, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta síbí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún sọ́hùn-ún, mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, sí àwọn ènìyàn tí n kò tilẹ̀ rántí ohun tí àwọn kan nínú wọn ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Mo wo bébà náà títí. Ẹni tí mo ń tori rẹ̀ ṣiṣẹ́ ni ó gba èyí tí ó kéré jù, nítorí pé òun nìkan ni kì í béèrè. Bàbá tí mo ti sọ di ọ̀tá nínú ọkàn mi kò sì gba tó àwọn ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mẹ́ta tí mo fi ń ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo ní ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí pé ohun tí owó kékeré wọ̀nyẹn wà fún nìyẹn: kí ipè náà lè tètè parí.

Ní Ọjọ́ Àìkú kan ní oṣù kẹjọ, mo lọ sí ilé láti sọ ọ̀rọ̀ náà lójú. N kò fi Wásáàpù sọ ọ́, mo sì kọ́kọ́ lọ bá àbúrò ìyá mi obìnrin, tí àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ sí lẹ́nu, kí ó má bàa dà bí ẹni pé èmi ọmọdé pe àwọn àgbà jọ. Ó jókòó tì mí. Mo sọ iye tí mo ń gbà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún mọ́kànlá. Ilé dákẹ́. Mo sọ pé 80,000 ni mo lè máa mú wá lóṣooṣù, mo sì sọ bí yóò ṣe pín: 30,000 fún ìyá mi, èmi ni yóò sì máa san owó oògùn rẹ̀ fún olóògùn tààrà láti inú rẹ̀, 25,000 fún àbúrò mi, 15,000 fún Bàbá Pòrógun ní ọjọ́ 28 oṣooṣù, láìjẹ́ pé ó pè mí, 10,000 tí ó kù yóò máa wà lọ́wọ́ àǹtí mi tí ó jókòó tì mí yìí fún ohun tí ó bá ṣe kòńgẹ́ ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé inú Bàbá yóò dùn pé kò ní máa béèrè mọ́. Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, "Ṣé mo wá di òṣìṣẹ́ rẹ ni, tí o fi ń san owó oṣù fún mi?" Kò pè mí ní ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Ìyá mi pàápàá kò fẹ́ràn rẹ̀ pé mo sọ iye owó mi ní gbangba. Ó ní ọ̀tá lè gbọ́. Ẹ̀bi tí mo kó padà sí Èkó ní alẹ́ ọjọ́ náà ju ti gàrí lọ, kò sì sí ohun tí ó mú un kúrò. Mo kàn fi 15,000 ránṣẹ́ ní ọjọ́ 28, mo tún fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ 28 tí ó tẹ̀lé e, kò sì fèsì sí èyíkéyìí. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá, tí mo rí ní oṣù kejì: ẹ̀bi náà wà, ṣùgbọ́n ìkùnsínú kò tẹ̀lé e. Mo ń fún un ní ohun tí mo ti pinnu pé mo lè fún un, nítorí náà kò sí ẹni tí mo lè bá jà ní òru.

Ní oṣù kọkànlá, ọmọ ìbátan mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu, ó ń bì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n san 60,000. 30,000 ni ó wà lọ́wọ́ àǹtí mi. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti wá èyí tí ó kù lọ́nàkọnà, ǹ bá sì fi oṣù kan gbáko kùn. Ní ọjọ́ yẹn, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ pé, "20,000 ni mo ní, mo ti fi ránṣẹ́ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá 10,000." Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ènìyàn mẹ́rin ti mú un wá. Ọ̀kan nínú wọn ni ìbátan tí ó ń ṣòwò ike, tí n kò rí kọ́bọ̀ rẹ̀ rí nínú ọ̀rọ̀ ẹbí. Nígbà tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kì í jẹ́ kó kàn wá." Mo ti rò ó títí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Èmi tí mo ń kùn pé kò sí ẹni tí ó ń ràn mí lọ́wọ́, ìgbà gbogbo ni mo máa ń san án tán kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wọn.

Ètò yìí kì í ṣe oògùn. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa dé ìdajì, 30,000 ìyá mi kò ra ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́, a sì ní láti tún un ṣe. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni a ń jókòó lé e lórí. Àwọn méjì kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí n yá òun ní owó, n kì í yá a. Iye kékeré tí mo bá lè gbàgbé ni mo máa ń fún un, mo sì máa ń sọ fún un pé kò ní láti dá a padà. Tí n kò bá ní, mo máa ń sọ pé, "Agbára mi kò gbé e ní oṣù yìí," n kì í sì í wá irọ́ tì í lẹ́yìn. Gbólóhùn yẹn ṣì ń há mi lọ́fun. Oògùn ìyá mi ni mo máa ń kọ́kọ́ kà tí mo bá dé ilé, ó sì máa ń bínú pé mo ń ṣọ́ òun bí olè.

Oṣù karùn-ún tí mo ti ń fi owó náà ránṣẹ́ ni Bàbá Pòrógun pè mí. Ìrọ̀lẹ́ ni, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo sì gbé e ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó dún. Ó kí mi, ó béèrè iṣẹ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun ṣùgbọ́n ó ti ń rọlẹ̀. Mo dúró de ọ̀rọ̀ tí ó kù bí mo ṣe mọ̀ ọ́n dúró. Kò sọ ọ́. Ó ní dírébà kan ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, gàrí sì wà.

"Ṣé ẹ óò gbé fóònù, Ìyá mi?"

Mo ní n óò ti wà ní Ọjọ́tà kí ọkọ̀ náà tó dé.